Tí O Ò Bá Mọ Ìyá Tó Bí Ẹ, Báwo Lo Ṣe Máa Pín Oko Yìí?

Éékà méjìlá ni ilẹ̀ náà, apá Ejìnrìn níbí ló wà, ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá tó ni ín ti kú, kò kọ ìwé ìhágún kankan sílẹ̀, ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, ọmọ mẹ́fà ló bí. Mo ti yí iye éékà àti iye ọmọ padà díẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má baà ka èyí kó ní ẹbí lágbájá ni mò ń sọ, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìyálé bí ọmọ kan ṣoṣo, ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Ìkẹjà ló ń gbé. Ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí mẹ́ta. Nínú éékà méjìlá yẹn, mẹ́wàá jẹ́ ilẹ̀ òkè tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí, méjì tó kù jẹ́ àkùrọ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì ti dáko rí á mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀fọ́ àti ata tútù bá wọ́n lọ́jà, éékà àkùrọ̀ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ éékà òkè kan rárá.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó láti pín in ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá fi ń pín ogún láàárín àwọn ọmọ bàbá tó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ti ìdí-igi, wọ́n á ka iye ìyá tó bímọ, wọ́n á pín in dọ́gba fún ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìyá kan náà á wá lọ pín tiwọn láàárín ara wọn. Ti orí-ò-jorí, orí ọmọ ni wọ́n á kà, wọn ò ní wo ti ìyá, kálukú á mú ìpín kan. Tí a bá lo ìdí-igi nínú ọ̀rọ̀ yìí, éékà mẹ́rin ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ọmọ ìyálé á dá mẹ́rin gbà, àwọn ọmọ ìyá kejì á gba méjì-méjì, àwọn ọmọ ìyá kẹta á gba éékà kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá lo orí-ò-jorí, éékà méjì-méjì ni fún gbogbo wọn.

Ẹ wá wo bí mítìn náà ṣe lọ. Ọmọ ìyálé dìde, ó ní ìdí-igi la bá nílẹ̀, òun làṣà, òun làwọn bàbá wa fi pín tiwọn. Àwọn ọmọ ìyá kẹta ní ayé ti yí, ọmọ lọmọ ń jẹ́, bàbá kan náà ló bí gbogbo wa. Àwọn ọmọ ìyá kejì ò sọ nǹkan kan, torí bó ti wù kí wọ́n pín in, éékà méjì-méjì náà ni tiwọn! Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó gbè sẹ́yìn ọ̀nà tó máa dín tiẹ̀ kù. Mi ò bá wọn wí o, olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, kálukú gbà lọ́kàn ẹ̀ pé òdodo lòun ń sọ, ohun tó sì mú mi máa ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà nìyẹn. Tí olóòótọ́ mẹ́fà bá jókòó, tí èrò kálukú nípa òdodo sì ń bá àpò ẹ̀ lọ régé, báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òdodo gan-an?

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì tipẹ́, ìdáhùn wọn la lè pè ní àdéhùn àwùjọ. Thomas Hobbes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ tiẹ̀ lọ́dún 1651, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti ba ìlú wọn jẹ́, ó ní tí kò bá sí òfin tó de gbogbo wa, ẹ̀rù ara wa ni a ó máa bà, kò ní sẹ́ni tó máa lè gbin nǹkan kan torí kò dá a lójú pé òun ló máa kórè ẹ̀, torí náà ló ṣe tọ́ kí gbogbo wa gbà láti fi òmìnira àtimáa ṣe bó ṣe wù wá sílẹ̀ fún aláṣẹ kan kí àlàáfíà lè wà. Àwọn míì ti wá lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n tún un sọ lóríṣiríṣi ọ̀nà, àmọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ò yí padà: ohun tó ń jẹ́ kí òfin tàbí ìpín kan tọ́ ni pé àwọn tó máa gbé lábẹ́ ẹ̀ lè fẹnu kò lé e lórí. Ọba ò gbọ́dọ̀ kàn gbé e kalẹ̀, kó jẹ́ àṣà látayébáyé nìkan ò tó, pé ẹni tó lágbára jù ló fẹ́ ẹ náà ò sì tó.

Ó dáa nígbà yẹn. Àmọ́ fífẹnukò láti ibo? Ibi tí gbogbo ẹjọ́ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí gbogbo ẹbí bá ti buwọ́ lùwé, ó ti parí, kò sí ìrẹ́jẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí a mọ̀, ìyẹn ni kí kálukú wá sídìí tábìlì pẹ̀lú ohun tó ní lọ́wọ́. Ọmọ ìyálé ń gba owó oṣù ní Ìkẹjà, tí wọn ò bá tiẹ̀ pín ilẹ̀ yẹn fún ọdún mẹ́wàá, ebi ò ní pa á. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn ọmọ ìyá kẹta, opó ni, inú oko yẹn gan-an ló ti ń jẹun, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀. Oṣù kejì ni wọ́n ń ṣe mítìn yìí o, òjò á bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, tó bá di pé òjò rọ̀ tí wọn ò tíì mọ ẹni tó ni ibo, kò ní lè gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì ní lè ki ẹ̀gẹ́ bọlẹ̀ torí ẹ̀gẹ́ á lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀, ta ló máa gbin nǹkan ọlọ́dún kan sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí? Torí náà bí ọmọ ìyálé bá dákẹ́ tó ní òun ò gbà, á kàn padà sílé ẹ̀ ni. Bí opó yẹn bá dákẹ́ tó ní òun ò gbà, ọdún kan ló pàdánù. Àwọn méjèèjì lómìnira láti kọ̀, àmọ́ kíkọ̀ wọn ò wúwo dọ́gba. Kò sẹ́ni tó máa na opó yẹn lẹ́gba, kò sẹ́ni tó máa hàlẹ̀ mọ́ ọn, á kàn ṣírò ohun tó máa bá a tí wọn ò bá fẹnu kò, á sì gba ìwọ̀nba tí wọ́n bá fún un, á tẹ̀ka, á tún dúpẹ́.

Hobbes á ní àdéhùn ni àdéhùn, tó fi dórí èyí tí ẹ̀rù mú ká ṣe. Onímọ̀ míì tó ń jẹ́ David Gauthier náà kọ̀wé lọ́dún 1986, ó gbìyànjú láti fi hàn pé ẹni tó ń ṣírò èrè ara ẹ̀ dáadáa á rí i pé ó yẹ kóun bá àwọn yòókù dúnàá-dúrà láìṣègbè, òun náà sì rí i pé ohun tí kálukú bá bọ̀ ń fa nǹkan, ó ní kò yẹ kó jẹ́ ohun tí èèyàn rí gbà nípa rírẹ́ ẹlòmíì jẹ ló máa gbé wá sídìí ìdúnàá-dúrà. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Àmọ́ ọmọ ìyálé ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ láti rí iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù ẹ̀ mọ́ tónítóní, síbẹ̀ owó oṣù yẹn náà ló ń tẹ òṣùwọ̀n sọ́dọ̀ ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi lè dúró síbi àbá yìí nìyẹn. Kí ni iṣẹ́ Ìkẹjà fẹ́ fi kan iye éékà tó yẹ kí ọmọ bàbá kan gbà?

Ọdún 1971 ni John Rawls, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kejì jáde. Ó ní ká fojú inú wò ó pé àwọn tó fẹ́ ṣe àdéhùn wà lẹ́yìn ìbòjú kan. Ìbòjú yìí ò bo gbogbo nǹkan o. Tí a bá mú un wá sórí oko wa yìí, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ̀ pé éékà méjìlá ni ilẹ̀, wọ́n mọ̀ pé méjì jẹ́ àkùrọ̀, wọ́n mọ̀ pé ìyá mẹ́ta ló wà, pé ọ̀kan bí ọmọ kan, òmíì bí méjì, òmíì bí mẹ́ta, wọ́n mọ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti iye tí gàrí ń lọ lọ́jà. Ohun tí ìbòjú bò ni èwo nínú àwọn mẹ́fà yìí ni ìwọ. O ò mọ̀ bóyá ọmọ ìyálé ni ẹ́ tàbí àbígbẹ̀yìn ìyá kẹta, o ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹ́ tàbí obìnrin, bóyá o níṣẹ́ oṣù tàbí oko ni oúnjẹ ẹ, bóyá ara ẹ le tàbí àìsàn ti dá ẹ gúnlẹ̀. Ìwọ wá mú òfin tí wọ́n máa fi pín in, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ká ìbòjú kúrò, o ò sì lè yí i padà mọ́.

Ẹ̀yin ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni lè tún fi àṣà bojú níbẹ̀. Ọmọ ìyálé tó ń pariwo ìdí-igi ò mọ̀ pé òun lọmọ ìyálé mọ́. Opó yẹn ò ní ohun tó máa sáré fún, ìkánjú ẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn ìbòjú pẹ̀lú ẹ̀, àbí ká sọ pé gbogbo wọn ló ń kánjú báyìí, torí kálukú lè jẹ́ òun.

Ibi tí mo gbádùn jù nìyí, torí ìṣirò ibẹ̀ ya èmi gan-an lẹ́nu. Ká ní o jókòó sẹ́yìn ìbòjú, o wá sọ pé jẹ́ kí n ṣírò ohun tó ṣeé ṣe kó kàn mí, torí mo lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà. Orí-ò-jorí: éékà méjì, kò sí àríyànjiyàn. Ìdí-igi: ọ̀kan nínú mẹ́fà á gba mẹ́rin, méjì á gba méjì-méjì, mẹ́ta á gba kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, éékà méjìlá náà ni, pín in sí mẹ́fà, éékà méjì náà ló máa bọ́ sí! Torí náà ẹni tó bá kàn ń wo ìpíndọ́gba ò ní lè sọ pé ọ̀kan dáa ju èkejì lọ nínú iye éékà. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan wà, John Harsanyi, tó ti lo èrò àìmọ-ipò-ara-ẹni yìí ṣáájú Rawls, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìpíndọ́gba lòun ní ká máa wò, àmọ́ kì í ṣe ti éékà, ti bí ayé èèyàn ṣe máa dáa tó ni. Rawls ní rárá. Ó ní ibi tó máa burú jù ni kí o wò, kí o bi ara ẹ pé tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo bọ́ sí ńkọ́? Lábẹ́ ìdí-igi, ẹni tó gba tó kéré jù gba éékà kan àti díẹ̀. Lábẹ́ orí-ò-jorí, ẹni tó gba tó kéré jù gba méjì.

Àwọn kan ní ojo ni Rawls sọ èèyàn dà, pé ẹni tó bá láyà á ta tẹ́tẹ́ éékà mẹ́rin. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ là ń sọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì. Éékà kejì yẹn ló ń yà ẹni tó ń jẹ yó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ra gàrí ẹlòmíì, àmọ́ éékà kẹrin fún ẹni tó ti ní mẹ́ta, owó lásán nìyẹn. Ìdí míì sì wà tí Rawls sọ tó wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀ lọ: èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn tí kò ní lè pa mọ́ tí ìbòjú bá ká kúrò. Tí o bá mọ̀ lọ́kàn ara ẹ pé tó bá jẹ́ ìwọ ló gba tó kéré yẹn, o ò ní lè fara mọ́ ọn, wàá gbé e lọ kọ́ọ̀tù, wàá lọ hú pẹ́ẹ̀gì lóru, a jẹ́ pé irọ́ lò ń pa nígbà tí o fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ lápá ibí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ má tètè dá ìdí-igi lẹ́bi o. Ẹjọ́ ńlá kan wà lórí ẹ̀ nínú ìwé òfin wa, Dawodu àti Danmole. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó lọ́dún 1940, kò kọ ìwé ìhágún, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, pé ìdí-igi ò bá òdodo mu mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà lọ́dún 1958, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, kò tako òdodo, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti ro ẹjọ́ yìí títí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ òdodo tí èkejì jẹ́ ìrẹ́jẹ, ohun tó yà wọ́n ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn ìbòjú. Gbé àwọn ìyá mẹ́ta síbẹ̀ dípò àwọn ọmọ. Obìnrin kan ò mọ̀ bóyá òun ni ìyálé tàbí ìyàwó kẹta, kò mọ̀ bóyá ọmọ kan lòun máa bí tàbí mẹ́fà, àmọ́ ó mọ̀ pé òun náà á bá ọkùnrin yẹn ro oko, òun á gbé ẹ̀gẹ́ wálé, òun á din gàrí. Òfin wo lobìnrin yẹn máa mú? Ìdí-igi ni! Torí lábẹ́ ìdí-igi, éékà mẹ́rin ni ìdí kọ̀ọ̀kan máa gbà, àìríbímọ púpọ̀ ò ní dín ti ẹnikẹ́ni kù, kò sì ní di pé wọ́n ń bímọ du ilẹ̀. Láyé ìgbà tí ìyá àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, àdéhùn àwọn ìyá ni ìdí-igi, ó sì dáàbò bò wọ́n. Orí-ò-jorí ni àdéhùn àwọn ọmọ. Lónìí tí kálukú ti ya ilé, tí opó yẹn ń dá ìkòkò tiẹ̀ gbé kaná, àwọn ọmọ ni wọ́n máa gbé lábẹ́ òfin náà, àwọn ló sì yẹ ká fi sẹ́yìn ìbòjú. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lé e.

Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Éékà méjì-méjì ò dọ́gba tí àkùrọ̀ bá wọ tẹnìkan tán. Ohun tí àṣà wí ni kí àgbà kọ́kọ́ mú, àgbà yẹn náà ló sì sábà máa ń tẹ̀lé sọ́fíyọ̀ lọ gún pẹ́ẹ̀gì, ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ kí àgbà pín in sí mẹ́fà bó ṣe wù ú, ìbú tàbí òòró, àmọ́ kí àbúrò pátápátá kọ́kọ́ mú, kó máa gòkè bọ̀, kí ẹni tó pín in mú èyí tó kù. Ẹ máa rí i pé pẹ́ẹ̀gì á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé àkùrọ̀, kálukú á ní díẹ̀ níbẹ̀. Ìbòjú Rawls náà nìyẹn, àmọ́ lórí ilẹ̀ gidi.

Wọ́n ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá kejì, tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tó sì mọ tírákítọ̀ lò, sọ pé kí ló dé tí ẹ fẹ́ gé ilẹ̀ yìí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ ká dá a papọ̀ kí n máa bójú tó o, ìkórè á pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní kò ṣeé ṣe kí ẹnìkan gbà ju ẹnìkan lọ, orí ò jorí náà la sọ. Rawls ò ní gbà fún ẹ̀gbọ́n yìí. Ó ní kì í ṣe gbogbo àìdọ́gba ló burú, tí àìdọ́gba bá mú kí ti ẹni tó gba tó kéré jù pọ̀ ju bó ṣe máa rí tí wọ́n bá pín in dọ́gba, àwọn tó wà lẹ́yìn ìbòjú á fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò, iye tí mo fẹ́ lò yìí kàn jẹ́ àpẹẹrẹ kó lè rọrùn. Ká ní éékà kan ń mú àpò gàrí mẹ́wàá jáde, tí wọ́n bá pín in, kálukú á ní ogún àpò, àròpọ̀ 120. Ká ní tí wọ́n bá dá a papọ̀ sọ́wọ́ àbúrò yìí, á mú 180 jáde, òun á gba 55 torí iṣẹ́ ẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù á gba 25 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò dọ́gba rárá, àmọ́ 25 ju 20 lọ, opó yẹn ní gàrí ju tẹ́lẹ̀ lọ, kí ló máa fi kọ̀? Àfi tó bá jẹ́ pé ìlara ni.

Ká wá ní àbúrò yìí padà wá, ó ní òun ti rí báńkì tó máa yá òun lówó, àpò 210 ló máa jáde, àmọ́ òun á gba 120, kálukú yòókù á gba 18. Oko náà ti sèso jù ti tẹ́lẹ̀ lọ o, tí ìjọba bá wá ka ìkórè wọ́n á yìn wọ́n. Àmọ́ 18 kéré sí 20. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ni àbúrò yìí tàbí opó yẹn ò ní fọwọ́ sí i láé. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń tètè pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ní ètò kan á mú kí nǹkan pọ̀ sí i lápá Ẹ̀pẹ́ wa níbí, mo máa ń fẹ́ mọ iye tó máa kan ẹni ìkẹyìn kí n tó sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan nínú ẹbí yẹn bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tó lágbára. Ó ní, "Bọ̀dá, ìbòjú tí ẹ ń sọ yìí, ta ló wà níbẹ̀? Ta ló fọwọ́ síwèé níbẹ̀? Àdéhùn tí kò sẹ́ni tó ṣe é, báwo ló ṣe máa de èmi?" David Hume, ará Skọ́tíláǹdì, ti béèrè irú ẹ̀ lọ́dún 1748, ó ní sísọ pé èèyàn ti gbà sí òfin ìlú torí pé kò kó jáde dà bí kí wọ́n gbé ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀ ojú omi, kó jí láàárín òkun, kí wọ́n wá ní ó ti gbà pé kí ọ̀gá ọkọ̀ máa darí òun torí kò bẹ́ sómi. Mo gba ti Hume. Ronald Dworkin náà sọ fún Rawls pé àdéhùn tí a kàn rò lọ́kàn kì í ṣe àdéhùn rárá. Òótọ́ ni. Ohun tí mo fi dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn ni pé ìbòjú ò dè ẹ́ bíi kí o buwọ́ lùwé, ó kàn ń jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ ìdí gidi nínú ohun tí ò ń wí àti èyí tó jẹ́ àpò ẹ ló ń sọ̀rọ̀. Tí o bá ní ìdí-igi dáa torí ó ń dáàbò bo ọmọ tó dá wà, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì dúró lẹ́yìn ìbòjú, a lè gbé e yẹ̀ wò. Tí o bá ní ó dáa torí pé èmi lọmọ tó dá wà, ó ti bọ́ nílẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tí kò sí nínú mítìn náà rárá. Ìyá kan wà, ará Ìlàjẹ, tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ sórí àkùrọ̀ yẹn láti ayé bàbá wọn, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣán ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ igbó, òun ló la ojú omi ibẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń pín àkùrọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá yìí. John Locke, tí ìwé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1689, á ní iṣẹ́ tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀ ń fún un lẹ́tọ̀ọ́ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí èyí tó tó tó sì dáa bá ṣẹ́ kù fún àwọn ẹlòmíì. Mi ò lè bá Locke lọ títí dé òpin, torí lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í fi iṣẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀, ìyá náà fúnra ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ìbòjú bá bò mí dáadáa, mi ò ní mọ̀ bóyá èmi náà ni àlejò yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán màá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n kórè ohun tí mo gbìn, kí wọ́n sọ fún mi kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n sì san nǹkan fún ojú omi tí mo là. Kò wúwo. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n gbà á lọ́jọ́ kejì, opó yẹn gan-an ló kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Àwọn kejì tí kò sí níbẹ̀ ni àwọn tí wọn ò tíì bí. Lọ́dún 1912, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sìí ti Òdògbólú, tí kò jìnnà sí wa níbí, sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ìwọ̀nba ló wà láàyè, àwọn tí wọn ò tíì bí ò lóǹkà. Rawls ò tíì dáyé nígbà yẹn, àmọ́ òun náà ní ìbòjú gbọ́dọ̀ bo ìran tí èèyàn wà, kó má baà jẹ́ pé ìran kan á jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Àwọn oní-ẹ́sítéètì ti ń wá bá àwọn mẹ́fà yìí, owó tí wọ́n ń pè ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Òfin ní ilẹ̀ ẹbí tí wọn ò tíì pín, olórí ẹbí àtàwọn aṣáájú ìdí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè tà á, àmọ́ tí wọ́n bá ti pín in tán, kálukú lè ta tiẹ̀. Ẹ rí i pé pínpín tí a ń sọ láti òkè yìí, bó ti wù kó dọ́gba tó, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún títà.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn ni kí wọ́n pín éékà mẹ́wàá ti òkè ní orí-ò-jorí, kí wọ́n má pín àkùrọ̀ rárá, kó wà fún gbogbo ẹbí, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní ẹ̀ẹ̀rùn máa san díẹ̀ sápò ẹbí bí ìyá Ìlàjẹ yẹn ṣe ń ṣe. Márùn-ún nínú wọn ti gbà. Ọmọ ìyálé ní òun ṣì ń rò ó, ó ní kí ni kí òun sọ fún ọmọ òun tó fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún yìí tí owó ò tó, tí òun sì ní ilẹ̀ tí òun ò lè tà. Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pé ọmọ yẹn náà yẹ kó wà lẹ́yìn ìbòjú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí a fi fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ ta ti òkè lè tà á, àmọ́ ẹbí ni kó kọ́kọ́ fi lọ̀, ní iye tí ará ìta bá pè, kí wọ́n sì ní oṣù mẹ́fà láti wá owó náà. Lọ́yà ń kọ ìwé ẹ̀ lọ́wọ́.